Oníbàárà Ń Rí Àwòrán Tó Fi Ránṣẹ́, Àwa Ò Rí I: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀

Aǹtí mi kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ó ní ojú òpó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará òkèèrè ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Fèrèsé ìtàkùrọ̀sọ kékeré kan wà ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń béèrè iye owó, tó sì lè fi fọ́tò aṣọ tó wù ú ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan láti Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò aṣọ ìyá rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe irú rẹ̀ ọ̀pá márùn-ún. Aǹtí mi pè mí.

“Wọ́n ní àwọn ń rí i. Èmi ò rí nǹkan kan, àfi àmì bébà kékeré tí igun rẹ̀ ti ya. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ṣé kí n ní kí wọ́n tún fi ránṣẹ́ ni?”

“Ẹ dúró ná, Aǹtí. Ẹ má tíì ní kí wọ́n fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́.”

Mo dá wọn dúró nítorí pé nǹkan tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ ló máa ba ìkẹrin náà jẹ́, bí ohunkóhun kò bá yí padà lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ránṣẹ́. Ọ̀nà tí mo gbà wá ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí. Kọ̀ǹpútà àti búráúsà lásán ni mo fi ṣe é, ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó wà nínú àpótí yẹn gan-an

Tí èèyàn bá gbé àwòrán sínú ṣáàtì, kì í ṣe àwòrán náà ló ń wọ inú ọ̀rọ̀ tí a kọ. Àwòrán á lọ jókòó sórí sáfà níbì kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá ojú òpó tọ́jú ẹrù rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà gbé dání. Nígbà tí ẹ bá ṣí ṣáàtì, búráúsà yín á ka àdírẹ́sì yẹn, á wá lọ bu àwòrán náà wá, bí ìgbà tí a rán ọmọ lọ gba ẹrù nílé oníǹkan. Àpótí tí ẹ ń rí ni àyè tí ojú ìwé ti fi sílẹ̀ de ẹrù náà.

Nítorí náà, àpótí òfìfo àti àmì tó ya kì í ṣe ọ̀kan náà. Àmì tó ya sábà máa ń túmọ̀ sí pé ọmọ ti lọ, ó ti dé, àmọ́ kò mú àwòrán bọ̀: bóyá wọ́n lé e padà, bóyá wọ́n gbé nǹkan mìíràn lé e lọ́wọ́, bóyá ó gbé ẹrù gidi dé tí ẹni tó rán an kò sì mọ bí a ṣe ń tú u. Àpótí òfìfo tí kò ní àmì kankan máa ń túmọ̀ sí pé ọmọ kò tíì dé, tàbí pé ẹnì kan dá a dúró lójú ọ̀nà, tàbí pé ó ti dé, àwòrán náà sì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi Aǹtí mi nìyẹn: àmì wà níbẹ̀ àbí kò sí? Wọ́n ní ó wà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn.

Má ṣe gba ẹ̀rí ẹni tó fi ránṣẹ́

“Èmi ń rí i lọ́dọ̀ tèmi” kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò fi nǹkan kan hàn. Bí oníbàárà bá mú fọ́tò látinú fóònù rẹ̀, ojú ìwé sábà máa ń gbé e jáde fún un lójú ẹsẹ̀ látinú fóònù yẹn kan náà, kó tó di pé ó dé orí sáfà rárá. Àdírẹ́sì irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń rí báyìí:

```
blob:https://itaja.example/5f0c2a91-...
```

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `blob:` kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju inú ojú ìwé tó ṣí lọ́dọ̀ ẹni yẹn lọ. Tó bá ti pa ojú ìwé náà dé, ó parẹ́. Mo ti rí ṣáàtì kan tí ẹni tó kọ ọ́ ṣèèṣì fi àdírẹ́sì `blob:` pa mọ́ dípò àdírẹ́sì orí sáfà. Gbogbo ẹni tó fi àwòrán ránṣẹ́ níbẹ̀ ló ń rí tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń rí ti ẹlòmíràn, ó sì gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé nǹkan bàjẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ sọ fún oníbàárà ni pé kó pa ojú ìwé náà dé pátápátá, kó tún un ṣí, kó wá wò bóyá àwòrán ṣì wà. Bí kò bá sí mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ó di ti ẹni tó ń tọ́jú ojú òpó. Oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù yìí ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ó ṣì wà. Ìyẹn ni pé àwòrán náà ti dé orí sáfà ní tòótọ́, áífóònù rẹ̀ sì lè kà á. Kí ló wá dé tí kọ̀ǹpútà Ìtòkú kò lè kà á?

Rán ọmọ náà lọ lójú ara yín

Ẹ gbé àmì máòsì lé àpótí náà, ẹ tẹ bọ́tìnì apá ọ̀tún, kí ẹ wá yan `Open image in new tab`. Búráúsà á lọ sí àdírẹ́sì àwòrán náà ní tààrà, ohun tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni ẹ máa rí, láìsí ṣáàtì láàárín. Mi ò mọ ìgbésẹ̀ mìíràn tó ń sọ òótọ́ tó èyí.

Bí àwòrán bá jáde dáadáa níbẹ̀, sáfà kò jẹ̀bi. Ojú ìwé ṣáàtì ló ń dí i lọ́wọ́, tàbí ìránmọ́ búráúsà tó ń pa ìpolówó, tí ó rò pé àwòrán náà jẹ́ ìpolówó. Ẹ ṣí ojú ìwé náà nínú fèrèsé `Incognito` kí ẹ wò ó.

Bí ẹ bá rí `404`, kò sí nǹkan kan ní àdírẹ́sì yẹn. Wọ́n ti pa fáìlì náà rẹ́, tàbí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ṣì. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí máa ń kan àwa tí a ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ gan-an, màá padà sí i.

Bí ẹ bá rí `403` tàbí `AccessDenied`, ẹrù wà, wọ́n kọ̀ láti fún yín ni. Ẹ bi ara yín bóyá àwòrán náà hàn lánàá. Ọ̀pọ̀ ojú òpó ló ń fi fáìlì pa mọ́ sí ilé ìpamọ́ tí a ń háyà, tí wọ́n á wá máa fún oníbàárà ní líǹkì tó ní ọjọ́ tí yóò kú. Ní ti ilé ìpamọ́ S3 ti Amazon, irú líǹkì bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́ ju ọjọ́ 7 lọ, ẹ ó sì rí iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fún un nínú àdírẹ́sì náà fúnra rẹ̀:

```
X-Amz-Expires=604800
```

604,800 ìṣẹ́jú àáyá ni ọjọ́ 7 géérégé. Bí ṣáàtì bá tọ́jú líǹkì yìí dípò kó máa béèrè tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí i, gbogbo àwòrán ọ̀sẹ̀ tó kọjá á di àmì tó ya, ti òní á sì máa hàn. Bí ẹ bá ti rí i pé ti àtijọ́ ló bàjẹ́ tí ti tuntun kò bàjẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú ìwé tó ní kí ẹ kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín ló máa jáde. Ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sínú àpótí náà: búráúsà ń retí àwòrán, wọ́n gbé ojú ìwé ìwọlé fún un, ojú ìwé kò sì ṣeé fi ṣe àwòrán.

Ti Aǹtí mi kò jọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Táàbù tuntun ṣí, àmì tó ya kan náà ló wà láàárín rẹ̀. Kò sí `404`, kò sí `403`, wọn kò ní kí a wọlé.

Wo ohun tí sáfà pe ẹrù náà

Nínú táàbù yẹn, mo ní kí wọ́n tẹ `F12`, kí wọ́n yan `Network`, kí wọ́n wá tẹ `F5` kí ojú ìwé tún padà ṣí. Ìlà kan jáde. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n ka nǹkan méjì fún mi, kí wọ́n sì wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó. Ohun tí wọ́n kà nìyí:

```
Status Code: 200
Content-Type: image/jpeg
```

Ó tó 1.8 MB. Sáfà ní ohun gbogbo lọ dáadáa, ó ní JPEG ni òun gbé fún wa, ẹrù náà sì wúwo tó fọ́tò gidi. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0 ni, tàbí ó kéré gan-an sí ohun tí oníbàárà fi ránṣẹ́, mà bá sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí ó ń gbé e sókè. Àmọ́ 200, JPEG, 1.8 MB, kí ni búráúsà ń wá tí kò rí?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dúró níbí, tí wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn búráúsà rẹ́, tí wọ́n á pa kọ̀ǹpútà kí wọ́n tún tàn án. `Content-Type` kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí sáfà kọ sára àpò ni, púpọ̀ nínú wọn kò sì tú àpò náà wò; orúkọ fáìlì ni wọ́n wò. Orúkọ tó bá ti parí sí `.jpg`, wọ́n á kọ JPEG sí i lára.

Tú àpò náà wò

Ẹ fi fáìlì náà pa mọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi Notepad ṣí i, bí ẹni ń ṣí lẹ́tà. Ẹ ó rí jágbajàgba tí kò ṣeé kà, ẹ má ṣe dà á láàmú, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni a nílò. JPEG tòótọ́ sábà máa ń ní `JFIF` tàbí `Exif` nítòsí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. PNG máa ń ní `PNG`. Bó bá jẹ́ ojú ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́ dípò àwòrán, ẹ ó rí `<!DOCTYPE html>` ketekete.

Ẹni tó bá ń lo Linux tàbí Mac lè wo báìtì 16 àkọ́kọ́ báyìí. Ohun tó jáde nígbà tí mo ṣe é sí fáìlì Aǹtí mi nìyí:

```
$ xxd -l 16 IMG_2417.jpg
00000000: 0000 0024 6674 7970 6865 6963 0000 0000  ...$ftypheic....
```

JPEG máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `ffd8 ff`. Èyí kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. `ftypheic` ni ó wà níbẹ̀, ìyẹn sì ni àmì HEIC. Fáìlì náà ń jẹ́ `.jpg` lórúkọ ni, HEIC ló wà nínú rẹ̀.

HEIC ni irú fáìlì tí áífóònù fi ń tọ́jú fọ́tò láti ọdún 2017, nígbà tí iOS 11 jáde, lórí áífóònù 7 sókè. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé kì í gba àyè tó JPEG. Safari, búráúsà Apple, ń ṣí i láti ẹ̀dà 17, Chrome àti Firefox kì í ṣí i. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà fi ń rí i lórí áífóònù rẹ̀ kódà lẹ́yìn tó tún ojú ìwé ṣí, tí Chrome Aǹtí mi lórí Windows kò sì rí i. Windows fúnra rẹ̀ lè ṣí HEIC nínú Photos bí ẹ bá fi `HEIF Image Extensions` sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ran Chrome lọ́wọ́, nítorí ojú tirẹ̀ ni Chrome fi ń ka àwòrán.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, áífóònù fúnra rẹ̀ máa ń yí fọ́tò padà sí JPEG kó tó gbé e fún ojú ìwé, ìgbà mìíràn kì í ṣe é. Ó wà lọ́wọ́ ibi tí a ti mú fọ́tò náà àti ohun tí ojú ìwé béèrè. Oníbàárà kan ṣoṣo lè fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́, kí méjì hàn, kí ọ̀kan má hàn, gbogbo wọn á wá máa sọ pé iṣẹ́ ayé ni.

Ta ló wá fi orúkọ `.jpg` sí HEIC lórí? Ètò ṣáàtì náà ni. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé gbogbo fọ́tò ni JPEG, ó wá ń so `.jpg` mọ́ ìdí orúkọ gbogbo ohun tó bá wọlé. Yíyí orúkọ padà kò yí inú fáìlì padà, bí ẹni tó kọ “ṣúgà” sára ike gàrí. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kàn pa `.heic` orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí ẹ kọ `.jpg`, ẹ má dá a lóhùn. Ṣe lẹ máa sọ ìṣòro náà di èyí tó le rí.

Ibi mẹ́ta tí a ti lè tún un ṣe

Èyí tó yá jù ni ọ̀dọ̀ ẹni tó gba fáìlì. Ẹ yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà, kì í ṣe orúkọ. Mo kọ́kọ́ dá orúkọ rẹ̀ padà sí `.heic`, kó má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ mọ́, mo wá lo èyí lórí Mac:

```
sips -s format jpeg IMG_2417.heic --out IMG_2417-tuntun.jpg
```

Lórí Linux, `heif-convert` ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ tún `xxd` ṣe lẹ́yìn rẹ̀. `ffd8` ló gbọ́dọ̀ wà níwájú báyìí. JPEG tó jáde lè tóbi ju HEIC lọ. Tiwa kúrò ní 1.8 MB ó di 3.1 MB, kò sì sí nǹkan tó burú níbẹ̀, àfi bí ṣáàtì yín bá ní òté lórí bí fáìlì ṣe lè tóbi tó.

Ọ̀dọ̀ oníbàárà ni ibi kejì. Lórí áífóònù, kó lọ sí `Settings`, `Camera`, `Formats`, kó yan `Most Compatible`. Láti ìgbà náà lọ, JPEG ni kámẹ́rà rẹ̀ á máa yà. Kò ní kan fọ́tò tó ti yà sẹ́yìn, nítorí náà tí ẹ bá ní kó ṣe èyí tí ó sì tún fi fọ́tò àná ránṣẹ́, ẹ máa rò pé ìwòsàn náà kò ṣiṣẹ́. Fún ti àtijọ́, kó ṣí fọ́tò náà, kó ya ojú fóònù náà bó ṣe wà, ìyẹn `screenshot`, kó fi ìyẹn ránṣẹ́. Àwọ̀ aṣọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ó kàn jẹ́ pé kò ní ṣeé sún mọ́ wò bíi ti àkọ́kọ́.

Ẹni tó ń tọ́jú ojú òpó ni ibi kẹta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń tán. Kó kọ irú fáìlì tó fẹ́ síbi tí a ti ń yan àwòrán:

```
<input type="file" accept="image/jpeg,image/png">
```

Áífóònù tó bá rí èyí sábà máa ń fi JPEG lé e lọ́wọ́ dípò HEIC. Àmọ́ “sábà” ni mo wí. Kí sáfà pàápàá máa wo báìtì àkọ́kọ́ gbogbo fáìlì tó bá wọlé, kó yí HEIC padà sí JPEG lójú ẹsẹ̀, tàbí kó sọ fún oníbàárà pé òun kò gbà á. Èyí tí kò dáa rárá ni kó gbà á, kó dákẹ́, kó wá fi àmì tó ya han olówó ọjà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí mo ní màá padà sí

Ẹ fi `Aṣọ òfì #2.jpg` ránṣẹ́ nínú ṣáàtì tí wọn kò kọ dáadáa, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nínú àdírẹ́sì, `#` ni ibi tí búráúsà máa ń gé e. Ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ sáfà láé. Sáfà á wá `Aṣọ òfì ` tí kò ní ìdí, kò ní rí i, `404` ló máa dá padà. `?` náà lè fa irú `404` yìí: ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ sáfà, àmọ́ sáfà kì í kà á mọ́ orúkọ fáìlì.

Èyí tó jinlẹ̀ díẹ̀ ni lẹ́tà `ọ`. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì tó lè gbà kọ ọ́: bí lẹ́tà kan odindi, tàbí bí `o` tí a fi àmì ìsàlẹ̀ lé nídìí. Lójú wa, kò sí ìyàtọ̀. Nínú àdírẹ́sì, ìyàtọ̀ wà:

```
%E1%BB%8D
o%CC%A3
```

Bí wọ́n bá fi ọ̀nà kan tọ́jú fáìlì sórí sáfà, tí ṣáàtì wá fi ọ̀nà kejì béèrè fún un, `404` ni ìdáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í lo orúkọ oníbàárà rárá. Á fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Títí ìyẹn á fi ṣẹlẹ̀, `aso-ofi-2.jpg` ni kí ẹ kọ. Ó ń dùn mí láti ní kí ẹnikẹ́ni yọ àmì kúrò lórí Yorùbá, orúkọ fáìlì nìkan ni mo gbà á láyè fún.

Bí àpótí bá ṣófo láìsí àmì

Díẹ̀ ni mo ní láti sọ níbí. Ẹ kọ́kọ́ dúró ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo `Network`: bí ìlà àwòrán náà bá wà ní `(pending)`, ó ṣì ń bọ̀. Bó bá jẹ́ `200`, tí táàbù tuntun sì fi àwòrán hàn, ẹ wo àwọ̀. Àmì ilé-iṣẹ́ tí a fi funfun yà lórí PNG tí kò ní ẹ̀yìn máa ń parẹ́ pátápátá lórí ṣáàtì funfun, dúdú náà á sì parẹ́ bí ẹni tó gbà á bá ń lo ojú dúdú fún alẹ́. Mo ti lo odindi ọ̀sán kan lórí irú èyí rí. Àwòrán náà wà níbẹ̀ láti àárọ̀.

Ní ti Ìtòkú, nígbà tí mo yí fáìlì náà padà tán, mo fi JPEG rẹ̀ ránṣẹ́ sí Aǹtí mi lórí fóònù wọn. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀.

“Ìbàdàndùn ni. Aró rẹ̀ ti ṣá, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà ni, kì í ṣe ti òǹtẹ̀. Sọ fún ẹni tó ń tún ojú òpó yẹn ṣe pé kó tètè tún un ṣe, àwọn mẹ́rin mìíràn ló ti fi irú bébà tó ya yẹn ránṣẹ́ láti oṣù tó kọjá, èmi rò pé wọ́n kàn ń ṣeré ni.”

A tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Mẹ́ta jẹ́ HEIC. Ìkẹrin ní `#` nínú orúkọ rẹ̀.